Òroǹbó àti Ìbọn: Bí Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Ń Pín Ìwé Kà

N kò ní pẹ́ lórí ohun tí pínpín ìwé kà jẹ́, nítorí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣe é: akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún pín ìwé onípìn-ín márùn-ún, olúkúlùkù ké ìpín tirẹ̀ kúrú sójú ewé kan, ó sì kọ ìbéèrè tí àwọn mẹ́rin yòókù yóò dáhùn láìwo ìwé.

Ó ti pẹ́ tí àwọn àgbà kan, tí mo bọ̀wọ̀ fún, ti ń bá mi jiyàn pé kíka ìkékúrú nìkan ti tó. Àwọn olùwádìí méjì, Roediger àti Karpicke, ti dá wọn lóhùn ní ọdún 2006: àwọn tó tún àyọkà kà ló mókè nígbà tí a dán wọn wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, ṣùgbọ́n nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó ti gbìyànjú láti rántí rẹ̀ láìwo ìwé ló borí.

Síbẹ̀, ìbéèrè ju ìbéèrè lọ. Nígbà tí èmi náà ń kàwé, tí àwa márùn-ún pín ẹ̀kọ́ ìró èdè Yorùbá láàárín ara wa, ẹni tí ìpín sílébù bọ́ sí lọ́wọ́ kọ ọ́ pé fáwẹ́lì nìkan, tàbí kọ́ńsónáǹtì pẹ̀lú fáwẹ́lì, ní í jẹ́ sílébù. Ó fo ẹ̀yà kẹta, èyí tí kọ́ńsónáǹtì aránmúpè ń dá dúró. Ìbéèrè tó sì bi wá ni, "Kí ni sílébù?" Gbogbo wa ka ohun tó kọ lórí, gbogbo wa yege, inú wa dùn. Ọjọ́ ìdánwò dé, wọ́n ní kí a pín òroǹbó sí sílébù, àwa márààrún sì kọ mẹ́ta. Mẹ́rin ni: ò-ro-ǹ-bó, nítorí ǹ ń gbé ohùn tirẹ̀ lórí; ti ìbọn kò rí bẹ́ẹ̀, ì-bọn péré ni, nítorí àmì ìránmú fáwẹ́lì lásán ni n tó wà níbẹ̀. Bí ó bá ṣe pé ó bi wá pé mélòó ló wà nínú òroǹbó, mélòó nínú ìbọn, kí ló sì fa ìyàtọ̀, òun fúnra rẹ̀ ì bá ti padà ṣí ìwé kó tó lè kọ ìdáhùn, àléébù náà ì bá sì ti hàn.

Ẹ̀yin ọmọ, inú ìkékúrú ni ẹ ti ń fa ìbéèrè yọ, kò sì dára. Inú ìwé gan-an ni kí ẹ ti mú un. Kí ẹ kọ ìdáhùn sí abala ìwé ọ̀tọ̀, pẹ̀lú ojú ewé àti ìdí rẹ̀.

Bí ẹnì kan bá ṣi ìbéèrè kan dáhùn, kí ó padà lọ ka ìwé. Bí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ṣì í bákan náà, ìkékúrú ni kí ẹ yẹ̀ wò. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ pààrọ̀ ìpín, nítorí ìpín tirẹ̀ nìkan ni olúkúlùkù mọ̀ dájú. Ní alẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ mú ìbéèrè kan nínú èyí tí ẹ ti kọ, kí ẹ sì tún un kọ.