Nígbà tí wọ́n bá yí iye àná padà

Lónìí, iye tí a ti gbé sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, táwọn èèyàn ti rí, tí ẹni tó fún wa wá ní òun ti tún un kà, la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ìlú Wúhàn ní Ṣáínà. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 2020, wọ́n kéde níbẹ̀ pé àwọn tí àrùn Kòrónà pa títí di òpin ọjọ́ 16 kì í ṣe 2,579 mọ́, 3,869 ni. Wọ́n fi 1,290 kún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n ní àwọn kan ti kú sílé nígbà tí ilé ìwòsàn kún àkúnya, àti pé àwọn ilé ìwòsàn kan pẹ́ kí wọ́n tó fi iye tiwọn ránṣẹ́.

Wàhálà ibẹ̀ nìyí. Ọ̀pọ̀ dáṣíbọ́ọ̀dù máa ń yọ àpapọ̀ àná kúrò nínú tòní láti mọ iye ọjọ́ kan. Irú rẹ̀ á sọ pé èèyàn 1,290 kú lọ́jọ́ kan náà, irọ́ sì ni. Tó bá tún ń pín in sí ọjọ́ méje, nǹkan bí 184 á lé sórí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Gíráàfù á ga lójijì, á tẹ́ pẹrẹsẹ bíi tábìlì, lẹ́yìn ọjọ́ méje á já wálẹ̀. Bí ẹ bá rí irú òkè bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fura sí àtúnkà. Ní Sípéènì, ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, wọ́n yọ iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000 kúrò, iye ọjọ́ náà sì bọ́ sábẹ́ òdo. Bí ẹni pé òkú jí!

Ẹ má pa iye àtijọ́ rẹ́. Ẹ fún ìlà kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ méjì: ọjọ́ tí iye náà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, àti ọjọ́ tí ó dé ọwọ́ wa.

```
event_date, total, known_on
2020-04-16, 2579, 2020-04-16
2020-04-16, 3869, 2020-04-17
```

Dáṣíbọ́ọ̀dù á máa gbé èyí tó dé kẹ́yìn jáde. Ẹni tó ti ya fọ́tò ojú ìwé náà lọ́jọ́ 16, tó wá ń bi wá léèrè, a ṣì lè fi ohun tí a mọ̀ lọ́jọ́ yẹn hàn án.

Àwọn kan á ní ká pín 1,290 náà káàkiri àwọn ọjọ́ ẹ̀yìn. Èmi ò gbà. Àpapọ̀ ni wọ́n kéde. Tí a bá pín in fúnra wa, àwa la ń dá iye sílẹ̀ yẹn. Ẹ fi kún àpapọ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iye ojoojúmọ́, kí ẹ sì fa ìlà òòró sí ọjọ́ 17 pẹ̀lú àlàyé kékeré. Bí wọ́n bá wá sọ ọjọ́ tí oníkálukú kú, ìgbà yẹn la ó tó gbé e síbi tó yẹ.

Kì í ṣe gbogbo àtúnkà ni wọ́n ń kéde o. Nítorí náà, nígbàkígbà tí ẹ bá fa dátà tuntun, ẹ fi gbogbo rẹ̀ wé ti àná látòkè délẹ̀, kì í ṣe ìlà ìkẹyìn nìkan.