Èlé Tí Wọn Kò Kọ Sára Ìwé: Bí A Ṣe Ń Wá Èrè Bọ́ǹdì Títí Dé Ọjọ́ Ìparí



Lọ́dún 2013, nígbà tí Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá wà lórí àlééfà, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi ìwé ṣùkúkù gba bílíọ̀nù 11.4 náírà láti fi kọ́ ilé ẹ̀kọ́. Ọdún méje ni wọ́n dá, wọ́n sì ṣe àdéhùn pé àwọn yóò máa san 14.75% lọ́dún. Owó ìyálò ni wọ́n pe èyí, nítorí pé òfin Ìsìláàmù kò fàyè gba èlé, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìṣirò rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti bọ́ǹdì.

Ẹni tó ra ìwé yẹn ní iye ojú rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mọ èrè rẹ̀. Ẹni tó wá rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn lẹ́yìn ọdún mẹ́rin ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ó ku ọdún mẹ́ta. Ẹni tó ni ìwé N1,000 ń wá owó kíákíá, ó sì tà á ní N920. Kí ọwọ́ wa lè fúyẹ́, ẹ jẹ́ ká gbà pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń sanwó, àti pé ìparí ni wọn yóò dá ojú owó padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó rà á yóò gba N147.50 lọ́dún kìíní, N147.50 lọ́dún kejì, àti N1,147.50 lọ́dún kẹta.

Ọ̀pọ̀ èèyàn yóò pín 147.50 sí 920, wọn yóò sì sọ pé èrè rẹ̀ jẹ́ 16.03%. Wọ́n ti gbàgbé N80 tó wà láàárín iye tó san àti iye tí yóò gbà nígbẹ̀yìn. Ohun tí à ń wá ni ìwọ̀n èlé kan ṣoṣo tó jẹ́ pé, bí a bá fi dá owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà sí iye tí wọ́n tó lónìí, àpapọ̀ wọn yóò jẹ́ N920 gẹ́lẹ́. Bí èlé bá jẹ́ 18%, N118 tí a óò gbà lọ́dún tó ń bọ̀ kò ju N100 lọ lónìí. Nítorí náà a óò fi 1.18 pín owó ọdún kìíní lẹ́ẹ̀kan, ti ọdún kejì lẹ́ẹ̀mejì, ti ọdún kẹta lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìwọ̀n tí à ń wá yìí wà nísàlẹ̀ gbogbo ìpín wọ̀nyẹn, kò sì sí ọ̀nà tó rọrùn láti yọ ọ́ dá sọ́tọ̀. Bí ẹni ń nájà la ṣe ń wá a: ẹnìkan pè é lókè, ẹnìkejì pè é nísàlẹ̀, títí iye yóò fi bára mu.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi 16% wò ó. Àpapọ̀ jẹ́ N971.93, ó ju N920 lọ. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ń ṣìnà: wọ́n rí i pé iye náà ti pọ̀ jù, wọ́n wá dín èlé kù. Òdì rẹ̀ ló tọ́, nítorí pé bí èlé bá ṣe ń ga sí i ni owó ọjọ́ iwájú ń kéré sí i lónìí. Ẹ jẹ́ ká gbé e dé 20%: N889.41. Ó ti kéré jù báyìí, ṣùgbọ́n a ti há a mọ́ àárín. Ẹ jẹ́ ká wo agbedeméjì, 18%: N929.34, ó ṣì lé díẹ̀. Ní 19%, ó di N909.05.

Èyí fi hàn pé ó wà láàárín 18 àti 19. Láti 929.34 dé 909.05 jẹ́ N20.29, N9.34 péré la sì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ pín 9.34 sí 20.29, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 0.46. Ẹ wá dán 18.46% wò: N919.93. Kọ́bọ̀ méje ló kù. Mo gbà pé ó tó.

Kọ̀ǹpútà pàápàá ń wá a ni. Nínú Excel, ohun tí ẹ óò tẹ̀ ni:

```
=RATE(3,147.5,-920,1000)
```

Bí ẹ bá gbàgbé àmì ìyọkúrò tó wà níwájú 920, `#NUM!` ni yóò kọ síbẹ̀, nítorí kò rí owó kankan tó jáde lápò yín.

Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ bóyá a ti ṣì í. Ìwé tí a rà ní iye tó kéré sí ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní èrè tó ju èlé ara rẹ̀ lọ: 14.75, lẹ́yìn náà 16.03, lẹ́yìn náà 18.46. Bí ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí bá dàrú, ẹ padà sẹ́yìn.

Àmọ́ o, 18.46 yìí ní ìkọ́ lábẹ́. Ó gbà pé ẹ óò di ìwé náà mú títí dópin, pé ẹ óò rí ibi tí ẹ óò fi N147.50 ọdọọdún sí ní èlé 18.46% kan náà, àti pé ẹni tó jẹ gbèsè yóò san án. Nítorí ìkẹta yìí ni wọ́n ṣe ń yọ owó gbèsè ṣùkúkù náà nínú ìpín Ọ̀ṣun ní Àbújá nígbà náà kí ìyókù tó dé Òṣogbo. Ó fi ọkàn ẹni tó yáni lówó balẹ̀, ó sì dín ohun tó kù fún owó oṣù kù.

Kí ẹ tó lọ, ẹ fi N950 rọ́pò N920, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti 17%. Bí ìdáhùn yín bá ju 18.46 lọ, òdì lẹ gbà.