Nígbà tí Dídín Oúnjẹ Kù Bá Di Àìsàn

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè ya àwọn kan lẹ́nu, nítorí àìní ni a mọ̀ pé ó ń fa ebi ní ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí oúnjẹ wà níwájú wọn tí ìbẹ̀rù kò jẹ́ kí wọ́n lè jẹ ẹ́ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọbìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, ọmọ ọdún 18, tí ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán. Ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ku oṣù mẹ́ta, ó sì fẹ́ kí aṣọ ẹbí bá òun mu dáadáa. Ó fi ẹ̀bà alẹ́ sílẹ̀, kò sì mu ohun dídùn mọ́. Títí dé ibẹ̀, kò sí ohun tí ó burú. Ìgbéyàwó kọjá, aṣọ bá a mu, gbogbo ènìyàn sì yìn ín. Ibi tí ó yẹ kí ó dáwọ́ dúró gan-an ni ó ti tún bẹ̀rẹ̀: ó fi oúnjẹ ọ̀sán náà sílẹ̀, ó ń fi omi fọ ọbẹ̀ kúrò lára ẹran kí ó tó jẹ ẹ́. Àmì kìn-ín-ní nìyí: ibi tí ó fẹ́ dé ń sún síwájú bí ó ti ń súnmọ́ ọn. Ààwẹ̀ ní àkókò ìṣínu. Èyí kò ní.

Ìyá rẹ̀ ṣàkíyèsí pé òun ni ó ń se oúnjẹ gbogbo ilé, tí ó ń rọ àwọn àbúrò rẹ̀ kí wọ́n jẹun yó, ṣùgbọ́n bí a bá bù tirẹ̀, yóò ní, “Ẹ má ṣèyọnu, mo ti jẹun lọ́dọ̀ ọ̀gá mi.” Òtútù ń mú un nínú oòrùn ọ̀sán. Oṣù mẹ́ta kọjá láìrí nǹkan oṣù rẹ̀, àwọn aládùúgbò sì ti ń sọ pé ó lóyún.

Kì í ṣe oríkunkun ni ó ń ṣe é. Ní ọdún 1944 sí 1945, ní Yunifásítì Mínẹ́sótà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Ọ̀mọ̀wé Ánsẹ́lì Kíìsì dín oúnjẹ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin 36 tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn kù sí nǹkan bí ìdajì, fún ọ̀sẹ̀ 24. Ara àwọn ọkùnrin yìí le tẹ́lẹ̀, ọpọlọ wọn sì pé. Ṣùgbọ́n bí ebi ti ń pẹ́ lára wọn, òtútù ń mú wọn, ọkàn wọn ń lù díẹ̀díẹ̀, inú ń bí wọn, wọ́n sì ń yẹra fún ẹgbẹ́. Oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń rò, wọ́n ń lá àlá rẹ̀. Àwọn kan ń kó ìwé oúnjẹ sísè jọ. Èyí fi hàn pé ebi pípẹ́ fúnra rẹ̀ a máa yí ìrònú ènìyàn padà, kò sì rọrùn fún ẹni tí ó ti wọ inú rẹ̀ láti fi ìbáwí nìkan jáde.

Ẹ má sì ṣe máa wo ẹni tí ó rù nìkan. Àwọn mìíràn sanra tàbí kí ara wọn mọ níwọ̀n, síbẹ̀ wọn a máa jẹun púpọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, kí wọ́n sì tipá bì í, tàbí kí wọ́n lo oògùn tí ń mú ni yàgbẹ́. Ẹ óò rí i pé kété tí wọ́n bá jẹun tán ni wọ́n ń sá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú, pé eyín wọn ń jẹ. Èyí léwu púpọ̀, nítorí àwọn iyọ̀ tí ọkàn fi ń ṣiṣẹ́ ni ó ń dànù.

Nígbà wo ni kí a lọ rí dókítà? Bí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró, tàbí tí èébì àmọ̀ọ́mọ̀bì bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tí yóò fi rù tán. Ẹ tún lè fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá jókòó jẹ́ẹ́, kí ẹ ka bí iṣan ti ń lù fún odidi ìṣẹ́jú kan. Ti àgbàlagbà sábà máa ń wà láàrin 60 sí 100. Bí tirẹ̀ bá kéré sí 50, tí ó bá dákú, tí àyà ń dùn ún, tàbí tí ó ń sọ pé ayé sú òun, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n iye tí ó dára kò fi hàn pé ewu ti kọjá.

Ìyá ọmọ yìí ti jà títí, kò tu irun kan lára rẹ̀. Níkẹyìn ó jókòó tì í, ó ní, “Mo rí i pé òtútù ń mú ọ, mo sì rí i pé nǹkan oṣù rẹ kò wá mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí. A óò jọ lọ rí dókítà lọ́la.” Kò sọ̀rọ̀ kan nípa rírù tàbí sísanra.

Dókítà kọ́kọ́ wò ó bóyá oyún ni, tàbí àtọ̀gbẹ, tàbí ikọ́ ife, nítorí àwọn wọ̀nyí náà lè mú kí ènìyàn rù. Lẹ́yìn náà ni ó fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn oníṣègùn ọpọlọ. Irú wọn wà ní Aro ní Abẹ́òkúta, ilé ìwòsàn tí ó ti wà láti ọdún 1954, wọ́n sì wà ní ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Ìbàdàn. Lílọ síbẹ̀ kò sọ ọmọ yín di wèrè. Wọ́n kìlọ̀ fún ìyá rẹ̀ pé kí ó má ṣe fi iyán àti ọbẹ̀ kún un lẹ́sẹ̀kan náà, nítorí bí oúnjẹ púpọ̀ bá dé lójijì sára ẹni tí ebi ti pa pẹ́, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ kí ọkàn sì dáṣẹ́ sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi kún oúnjẹ rẹ̀, tí wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Nígbà tí ó padà délé, ìyá rẹ̀ ń jókòó tì í nídìí àwo lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Oṣù mẹ́jọ kọjá kí nǹkan oṣù rẹ̀ tó padà.