Bí Ara Kò Bá Yá: Ìgbà Wo Ni Kí A Ránṣẹ́, Ta Ni Kí Ó Gbọ́?



Ẹ jẹ́ kí a mú ẹni tí ṣíìfù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní agogo 6 àárọ̀, tí ibà dé sí lóru. Bí ó bá ránṣẹ́ ní agogo 6 gan-an, ẹni tó ṣiṣẹ́ mọ́jú kò ní lè fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Bí ó bá ránṣẹ́ ní agogo 4, fóòmànù ṣì lè pe ẹlòmíràn kí ọkọ̀ òṣìṣẹ́ tó gbéra.

Fóòmànù ni kí ẹ kọ ọ́ sí lórí fóònù. Kí taimukípà náà rí i, torí òun ló ń kọ orúkọ ẹni tí kò wá. Kí aṣojú ẹgbẹ́ wa ní tirẹ̀, kí ó lè jẹ́rìí bí wọ́n bá ní ẹ kò sọ fẹ́nikẹ́ni. Ẹ má pa á rẹ́.

Ẹ gba ìwé dókítà pẹ̀lú. Òfin Iṣẹ́ ti 1974 ní kí a san owó iṣẹ́ fún aláìsàn títí dé ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún, bí dókítà bá jẹ́rìí sí i. Iṣẹ́ tí ẹ rán nìkan kò lè gba owó yẹn fún yín.