Ìgbà Wo Ni Owó Bítíkọ́ìnì Di Ti Ẹni Tó Gbà Á?

[Orin ìbẹ̀rẹ̀ dún, ó sì rọlẹ̀]

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ẹnì kan tó ń ta kọ̀ǹpútà alágbèéká, tó sì ń gba Bítíkọ́ìnì. Oníbàárà tẹ fóònù rẹ̀, kíá ni fóònù ọlọ́jà dún: owó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n lábẹ́ iye owó náà, ọ̀rọ̀ kékeré kan wà níbẹ̀: `Unconfirmed`, ìyẹn ni pé ìsanwó náà kò tíì fìdí múlẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín lónìí ni pé níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ yẹn bá ṣì wà níbẹ̀, ìlérí ni ọlọ́jà gbà, kò tíì gba owó.

Ká tó lè mọ ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ àkáǹtì báńkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bítíkọ́ìnì kò kọ iye owó sábẹ́ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ègé owó ló kún inú àkọsílẹ̀ rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye tirẹ̀ àti àgádágodo tirẹ̀. Iye tí wọ́lẹ́ẹ̀tì ń fi hàn jẹ́ àròpọ̀ àwọn ègé tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lè ṣí, tí a kò tíì ná. Ká ní ègé kan ṣoṣo tó jẹ́ 0.05 ni oníbàárà ní, tí kọ̀ǹpútà sì jẹ́ 0.03. Kò lè gé 0.03 kúrò lára rẹ̀ kó fi ìyókù sílẹ̀ síbẹ̀. Odindi ègé náà ló máa ná. Ègé tuntun méjì ni yóò jáde: 0.03 fún ọlọ́jà, àti 0.0199 tí oníbàárà yóò gbà padà bíi ṣéńjì. 0.0001 tó ṣẹ́kù di owó iṣẹ́ awakùsà tó bá kó ìsanwó náà sínú búlọ́ọ̀kù. Ègé 0.05 ti kú nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó tún lè ná an.

Ṣùgbọ́n ìgbà wo gan-an ló kú? Ẹnì kan lè sọ pé oníbàárà ti fọwọ́ sí i, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ti yẹ ìbuwọ́lù náà wò. Kí la tún ń dúró dè? Ìbuwọ́lù ń jẹ́rìí pé ẹni tó ni ègé ló ná an. Kò lè jẹ́rìí pé kò tíì fi ègé kan náà ṣe ìlérí fún ẹlòmíràn. Oníbàárà lè kọ ìsanwó kejì lórí ègé 0.05 yẹn, kó darí owó náà padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kó sì fi kún owó iṣẹ́ awakùsà. Ìbuwọ́lù méjèèjì ló jẹ́ ojúlówó. Níwọ̀n ìgbà tí àwọn méjèèjì bá ṣì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, èyí tó bá wu awakùsà ló lè mú, èyí tó sì lérè jù ló sábà máa ń wù ú. Èyí tó bá wọ búlọ́ọ̀kù ló pa ègé náà. Ìkejì di òfo.

Ṣé búlọ́ọ̀kù kan wá ti tó? Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ni búlọ́ọ̀kù tuntun ń jáde, ṣùgbọ́n awakùsà méjì lè rí tiwọn lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ̀wọ̀n tí àwọn búlọ́ọ̀kù so pọ̀ dì sì pín sí ẹ̀ka méjì. Ẹ̀ka tí iṣẹ́ pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló máa ń borí, a ó sì da ìkejì nù. Ní ọdún 2008, Satoshi Nakamoto, ẹni tó ṣẹ̀dá Bítíkọ́ìnì, ṣírò ewu tó wà níbẹ̀. Bí ọ̀dàlẹ̀ bá ní ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára gbogbo awakùsà, tí búlọ́ọ̀kù kan sì tẹ̀lé èyí tí ìsanwó wà nínú rẹ̀, ó ṣì ní àǹfààní bí 20 nínú 100 láti yí i padà. Bí búlọ́ọ̀kù mẹ́fà bá tẹ̀lé e, àǹfààní náà dín sí nǹkan bí 2 nínú 10,000. Ibẹ̀ ni àṣà dídúró de mẹ́fà ti ń rí ẹsẹ̀ dúró.

[Ìlù díẹ̀]

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2013 fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe orí ìwé lásán. Búlọ́ọ̀kù 225,430 jáde. Sọ́fítíwíà Bítíkọ́ìnì tuntun, ẹ̀yà 0.8, gbà á, àwọn ẹ̀yà àtijọ́ kọ̀ ọ́, nítorí pé àpótí àkọsílẹ̀ tiwọn kò lè gbé e. Ẹ̀wọ̀n pín sí méjì fún wákàtí mélòó kan. Ìsanwó kan tó tó nǹkan bíi dọ́là 10,000 ti wọlé ní ẹ̀ka tuntun, ẹni tó san án sì tún ná ègé kan náà ní ẹ̀ka àtijọ́. Àwọn awakùsà padà sí ẹ̀yà àtijọ́, ẹ̀ka yẹn borí, búlọ́ọ̀kù 24 sì dòfo, ìsanwó àkọ́kọ́ sì bá wọn lọ.

Ẹ lè sọ pé àṣìṣe sọ́fítíwíà nìyẹn, wọ́n sì ti tún un ṣe. Òótọ́ ni. Bákan náà, dídúró de búlọ́ọ̀kù mẹ́fà nìkan kò tó láti dáàbò bo ọlọ́jà lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n láti orí àga rẹ̀, ọlọ́jà kò lè mọ̀ bóyá olè ni tàbí àṣìṣe ló ń já ẹ̀wọ̀n náà; iye búlọ́ọ̀kù tó gorí owó rẹ̀ nìkan ló lè kà. Nígbà tí ìkìlọ̀ bá sì jáde pé ẹ̀wọ̀n ti pín, kó dá owó gbígbà dúró ni.

Ẹlòmíràn á ní ta ló máa dúró fún wákàtí kan nítorí búrẹ́dì? Kò pọn dandan. Kò sẹ́ni tó máa forí ṣe fọrùn ṣe láti jí owó búrẹ́dì, ọlọ́jà sì lè fara da àdánù náà. Bí owó bá ṣe pọ̀ tó ni kí ìdúró ṣe pọ̀ tó. Ti kọ̀ǹpútà wa ńkọ́? Kí ọlọ́jà fi í sórí káńtà, kó wo ìsanwó náà nínú àkọsílẹ̀ tí gbogbo ayé lè wò, kó sì máa ka búlọ́ọ̀kù: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Bó bá di mẹ́fà, kó gbé kọ̀ǹpútà fún oníbàárà.

[Orin ìparí]