Títẹ Òbúkọ Lọ́dàá ní Ìbàràpá: Àìrí Ẹ̀jẹ̀ Kì Í Ṣe Àìsí Ìrora

Bí a bá ní ká dárúkọ ohun tó dára jù láti fi tẹ òbúkọ lọ́dàá, bọ̀dísò ni ọ̀pọ̀ yín máa pè, ẹ̀mú irin ńlá tí Napoleone Burdizzo, dókítà ẹranko ará Ítálì, ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Ẹ ó ní kì í ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Òótọ́ ni. Kì í gé awọ, eṣinṣin kì í rí egbò bà lé. Èmi náà yàn án ju abẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí ẹ̀jẹ̀ máa ń rò pé kò dun ẹran.

Okùn tó so kóró ẹpọ̀n rọ̀ ni irin náà ń fún pa. Ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ wà nínú okùn yẹn, iṣan tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Igbe tí òbúkọ ń ké kì í ṣe ti ìbẹ̀rù lásán. Bí ẹ bá dúró wò ó lẹ́yìn náà, ẹ ó rí i tó ń fi ẹsẹ̀ gbá ikùn ara rẹ̀, tó ń ju ìrù, tó ń na ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bó bá dùbúlẹ̀, tí kò sì bìkítà fún èèpo ẹ̀gẹ́ tí wọ́n dà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú òbúkọ oṣù mẹ́ta kan, ti irú kúkúrú ilẹ̀ wa yìí. A gbé e kọ́ sórí òṣùwọ̀n nínú àpò, ó wọn kílò 6. Abẹ́rẹ́ tí ń pa ara kú, lígínókéènì, kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 5 lọ fún kílò kan, nítorí ara ewúrẹ́ kì í gbà á púpọ̀. Gbogbo tirẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 30. Èyí tí wọ́n kọ 2% sí lára ní 20 nínú mílílítà kan, nítorí náà mílílítà 1.5 péré ni. Ká fi omi abẹ́rẹ́ tó mọ́ bù ú là, kó di 3, ká pín in sọ́tùn-ún sósì: púpọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ okùn náà, ìyókù sábẹ́ awọ níbi tí irin máa bù jẹ. Ká kọ́kọ́ fa abẹ́rẹ́ sẹ́yìn wò, bóyá ẹ̀jẹ̀ á wọlé. Ẹni tó bá fi ojú wọ̀n ọ́n, tó fún un ní mílílítà 5 láìbù ú là bí ẹni ń fún akọ màlúù, lè rí i kí ẹran máa gbọ̀n, kó sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Kíkú ara yìí kì í ju wákàtí kan sí kan ààbọ̀ lọ, ìrora sì máa ń wà fún ọjọ́ mélòó kan. Ìdí nìyí tí a fi ń fi oògùn ìrora kejì, mẹlọ́síkáàmù, tì í: mílígíráàmù 3 fún òbúkọ wa yìí, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Dókítà ẹranko ni kó kọ ọ́, kó sì sọ iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá ká tó lè pa ẹran náà jẹ.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ká fi nǹkan ṣóńṣó gún awọ ibẹ̀. Bí kò bá janra, ká fi ìka ti okùn kan sí ẹ̀gbẹ́ àpò ẹpọ̀n, ká pa irin dé lókè kóró, ká kà dé 30. Ká tún un bù lẹ́ẹ̀kan sí i nísàlẹ̀ díẹ̀, ká tó bọ́ sí ìkejì. Ojú irin apá ọ̀tún àti ti òsì kò gbọ́dọ̀ pàdé láàárín. Bí wọ́n bá pàdé, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé awọ mọ́, àpò á tutù, á dúdú, á sì já bọ́. Ibi tí tẹ́tánọ́ọ̀sì ti ń wọlé nìyẹn.

Irin tó ti gbó ń ṣiṣẹ́ ìdajì. Ẹ fi òwú sáàárín páálí méjì, kẹ́ ẹ pa irin dé e: òwú gbọ́dọ̀ já, páálí kò gbọ́dọ̀ ya. Wíwú fún ọjọ́ díẹ̀ kò burú. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, kóró yẹ kó ti rọ. Èyí tó bá ṣì le, okùn rẹ̀ ló yọ́ bọ́ lẹ́nu irin, ẹ tún un ṣe. Títí dìgbà náà, kó má dé ọ̀dọ̀ abo.

Ní ti ìwo, mi ò rí ìdí tí ẹni tó ń sin àgbò Iléyá fi máa yọ ọ́, nígbà tí oníbàárà ń wo ìwo kó tó ná an. Bó bá pọn dandan fún ọmọ ewúrẹ́ nínú ọgbà, kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì ni, ìwo kọ̀ọ̀kan sì ní iṣan méjì tí a ó pa kú. Ọmọ kílò 2 kò gbọ́dọ̀ gbà ju ìdajì mílílítà lígínókéènì 2% lọ fún ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Agbárí rẹ̀ fẹ́lẹ́, ooru irin gbígbóná tí a fi ń jó ìwo á dé ọpọlọ bó bá pẹ́ níbẹ̀.

Pátákò ni kò béèrè abẹ́rẹ́, nítorí èyí tí a ń gé ti kú. Ewúrẹ́ tó ń rìn lórí òkúta fúnra rẹ̀ ló ń pọ́n ọn, èyí tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ni tirẹ̀ ń gùn. Ẹ gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ dúró níbi tó bá ti ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Bí ẹ bá bá ọyún níbẹ̀, tí ẹran sì ń tiro, ẹ ránṣẹ́ pe dókítà.