Àdírẹ́sì Ráútà Ilé Yín

Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà Wáì-Fáì ilé yín, inú ráútà lẹ ó wọ̀. Ẹ má ṣe yá nọ́ńbà ráútà aládùúgbò lò o, torí tiyín lè yàtọ̀.

Lórí kọ̀ǹpútà Windows tó ti wà lórí Wáì-Fáì náà, ẹ wá cmd, ẹ ṣí i, kí ẹ tẹ èyí sójú fèrèsé dúdú náà, kí ẹ sì tẹ Enter:

```
ipconfig
```

Ká ní ẹ rí 192.168.1.23 níwájú IPv4 Address, ti kọ̀ǹpútà yín nìyẹn. Èyí tó wà níwájú Default Gateway, bíi 192.168.1.1, ni ti ráútà. Òun ni kí ẹ tẹ̀ sókè bùráúsà, níbi tí a ń kọ àdírẹ́sì ìkànnì sí. Orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tí yóò bèèrè sábà máa ń wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí ráútà.

Ṣùgbọ́n bí àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, tí iwájú Default Gateway sì ṣófo, a jẹ́ pé kọ̀ǹpútà kò rí àdírẹ́sì gbà lọ́wọ́ ráútà. Ẹ pa Wáì-Fáì kọ̀ǹpútà, ẹ tún un tàn, kí ẹ tún ipconfig tẹ̀.